Àwúrúju tàbí àṣìtẹ̀: èwo ni ká dí?

Bí lẹ́tà wúruwùru bá wà nínú ìmeèlì, ibi tó wà ni mo kọ́kọ́ máa ń wò.

Inú ọ̀rọ̀ ni àṣìtẹ̀ máa ń wà. Ẹni tó tẹ `owp` dípò `owo`, ìka rẹ̀ ló yẹ̀: `p` ló tẹ̀lé `o` lórí kíbọọ̀dù. Àwúrúju tó ń lo irú lẹ́tà yìí kì í sábà ba ọ̀rọ̀ tirẹ̀ jẹ́. Ìpolówó á já gaara, líǹkì á tẹ̀lé e, `xq7vkz82m` á wá wà nísàlẹ̀ pátápátá, nígbà mìíràn ní àwọ̀ funfun lórí funfun. Àwọn asẹ́ ìmeèlì kan máa ń ṣírò àmì ìdánimọ̀ fún àwúrúju tí wọ́n ti mọ̀. Bí lẹ́tà kan ṣoṣo bá yí padà, àmì náà yí padà. Ẹ̀dà kejì á gbé `b4tnw9rj` wá, ìyókù ò ní yàtọ̀. (Asẹ́ tó gbọ́n á gé ìrù yẹn kó tó ṣírò.)

Bí ẹ̀dà méjì bá bára mu àyàfi ìrù, dí i. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan láti ọ̀dọ̀ ojúlùmọ̀, tí kò ní líǹkì, bi í léèrè. Ojúlùmọ̀ tòun ti líǹkì? Pè é lórí fóònù kó o tó tẹ líǹkì náà.