Màlúù Tó Ń Rún Egungun: Àgbéyẹ̀wò Mínírà Alápò Tí Mo Gbé Sí Pápá

Egungun ló mú mi ra mínírà yìí. Àwọn abo màlúù mi tó ń fún ọmọ lọ́mú máa ń ṣa egungun ẹran tó ti kú nínú pápá, wọ́n á máa rún un títí itọ́ á fi máa kán lẹ́nu wọn. Bí a bá lé wọn, wọ́n á gbé e sá. Wọ́n tún ń jẹ èèpo igi, wọ́n sì ń lá ilẹ̀. Gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí òkúta iyọ̀ pupa wà níwájú wọn, tí wọ́n sì ń lá a dáadáa.

Dókítà ẹran tó wá wò wọ́n ní kí n yí òkúta náà padà kí n ka ohun tí wọ́n kọ sára ọ̀rá rẹ̀. Iyọ̀ ló kó ìdá 97 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Ìyókù jẹ́ díẹ̀díẹ̀ nínú síǹkì, bàbà, áyódíìnì àti irin. Irin yẹn ló sọ ọ́ di pupa, irú èyí tí ara màlúù kì í fi bẹ́ẹ̀ gbà sínú, bẹ́ẹ̀ sì ni irin kì í sábà wọ́n màlúù tó ń jẹ koríko lórí ilẹ̀. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, èròjà tó pọ̀ nínú egungun, ò sí níbẹ̀ rárá, òun sì ni ẹran tó ń rún egungun ń wá kiri. Òkúta iyọ̀ kì í ṣe nǹkan burúkú o. Koríko kì í sábà ní iyọ̀ tó, màlúù sì nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò lè fún ẹran ní ohun tí kò sí nínú rẹ̀.

Ẹ má fojú kékeré wo egungun rírún yìí. Kòkòrò àìfojúrí tó ń fa àìsàn bọ́túlísìmù máa ń gbé inú òkú ẹran, oró rẹ̀ sì máa ń kù sára egungun àti awọ tó gbẹ. Màlúù tó bá jẹ ẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa rọ, ahọ́n rẹ̀ ò ní lágbára mọ́, á dùbúlẹ̀, kò sì ní lè dìde. Ní nǹkan bí ọdún 1920, dókítà ẹran kan tó ń jẹ́ Arnold Theiler àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní Gúúsù Áfíríkà fi hàn pé àìtó fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì nínú koríko ló ń ti màlúù sí jíjẹ egungun tó ń pa wọ́n. Nígbà tí wọ́n fún àwọn ẹran ní egungun lílọ̀ tó mọ́, wọn ò wá egungun inú pápá bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Lónìí, òfin ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ò gba kí a fún màlúù ní egungun lílọ̀ mọ́ nítorí àrùn wèrè màlúù, nítorí náà fọ́sífeètì oníkálísíọ̀mù, tí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì wà nínú rẹ̀, ni àwọn tó ń ṣe mínírà ń lò.

Ohun tí mo rà jẹ́ ẹtù, kì í ṣe òkúta, inú àpò 25 kílò ló wà. Wọ́n kọ ọ́ sára àpò pé fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún, àti pé 80 gíráàmù ni kí màlúù kan jẹ lójúmọ́. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Koríko tó ti gbó lórí ilẹ̀ tí kò lọ́ràá lè máà ní ju gíráàmù 1 fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì lọ nínú kílò kan, bí a bá yọ omi inú rẹ̀ kúrò. Màlúù tó jẹ kílò 10 irú koríko bẹ́ẹ̀ rí gíráàmù 10. Bí ó bá ń fún ọmọ lọ́mú, ó nílò nǹkan bíi 16. Ìdá 8 nínú 80 gíráàmù fún un ní 6.4, àlàfo náà sì dí. Mínírà tí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì rẹ̀ jẹ́ ìdá 2, bí ó ti wù kí àwòrán ara àpò rẹ̀ lẹ́wà tó, gíráàmù 1.6 péré ló máa fún un.

Ìṣírò yìí ò wúlò bí ẹ ò bá mọ iye tí wọ́n ń jẹ. Màlúù 20 ni mo kọ́kọ́ gbé e fún. Ní 80 gíráàmù fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kílò 1.6 ni wọ́n yẹ kí wọ́n jẹ lójúmọ́, ìyẹn ni pé àpò kan yẹ kó tó wọn fún nǹkan bí ọjọ́ 15. Àpò àkọ́kọ́ ò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rárá, wọ́n jẹ ẹ́ bí ẹni tí ebi ti ń pa tipẹ́. Ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín, bẹ́ẹ̀ ni ẹran tí nǹkan wọ́n máa ń ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n á rọlẹ̀ tó bá yá. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí omi mímu wà níbẹ̀ nígbà gbogbo, torí iyọ̀ wà nínú mínírà náà, iyọ̀ púpọ̀ láìsí omi sì máa ń pa màlúù. Iyọ̀ yẹn gan-an ló ń darí iye tí wọ́n ń jẹ. Mo ní láti kó òkúta iyọ̀ kúrò, torí pé níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ń rí iyọ̀ lá níbòmíràn, wọn kì í jẹ ẹtù náà tó. Bákan náà ni yóò rí fún ẹni tí omi kànga rẹ̀ bá ní iyọ̀.

Àléébù rẹ̀ tó bí mi nínú jù ni òjò. Omi díẹ̀ báyìí, ẹtù náà á dì gbagidi, màlúù á sì kọ̀ ọ́. Ọpọ́n tí mo lò tẹ́lẹ̀ ò ní ìbòrí. Ìgbà tí mo ṣe òrùlé kékeré sí i, tí mo sì gbé e sókè díẹ̀ kúrò nílẹ̀, ni nǹkan tó dára. Bí ẹ bá máa ra mínírà ẹlẹ́tù, ẹ fi owó ọpọ́n kún un.

Àyípadà tí mo rí ni pé egungun rírún dínkù, ó sì dáwọ́ dúró lára ọ̀pọ̀ wọn. Abo àgbà mélòó kan ṣì ń gbé e sẹ́nu, ó ti mọ́ wọn lára, nítorí náà ẹ ṣa egungun kúrò ní pápá bí ẹ tilẹ̀ ń fún wọn ní mínírà. Ara àwọn ọmọ màlúù dán sí i, ṣùgbọ́n koríko dára lásìkò yẹn, mi ò ní gbé gbogbo ìyìn náà fún àpò yìí.

Ọ̀rọ̀ àsìkò tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣì mú. Ìgbà òjò, nígbà tí koríko tútù wà tí ẹran ń sanra, ni fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ń ṣiṣẹ́ jù. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, tí koríko ti di gbígbẹ tí ẹran ń rù, púrótéènì ló kọ́kọ́ ń wọ́n wọn. Mínírà yìí nìkan ò ní mú kí wọ́n sanra. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, oúnjẹ ni mo ń ná owó lé.

Ẹni tó ní àgùntàn pẹ̀lú màlúù nínú pápá kan náà kò gbọdọ̀ gbé e síbẹ̀. Bàbà inú rẹ̀ tó màlúù, àmọ́ ó lè pa àgùntàn, torí ara àgùntàn kì í tètè tú u dànù.

Nínú márùn-ún, mo fún un ní mẹ́rin. Òjò ló gba ọ̀kan yẹn. Màá tún rà á bí òjò bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó pẹ́ tán nígbà tí koríko tuntun bá ti ń yọ.