Tábìlì ńlá tàbí tábìlì àkópọ̀: èwo ni ojú ìwé ọjà títà yẹ kó máa kà?

Ká ní ojú ìwé kan ń fi ọjà tá a tà lóṣù yìí hàn láti inú BigQuery, ibi tí Google ti ń bá wa tọ́jú dátà, ó sì ń tún ara rẹ̀ kà ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Ìgbà 288 nìyẹn lójúmọ́.

Tó bá ń ka tábìlì ńlá tààrà, tí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan sì ń ka 20 GiB, á tó 169 TiB lóṣù. Dọ́là 6.25 ni TiB kan ní Amẹ́ríkà, TiB àkọ́kọ́ lóṣù sì jẹ́ ọ̀fẹ́, nítorí náà owó á lé ní 1,000 dọ́là. `LIMIT` kì í sábà dín in kù, torí ohun tá a kà là ń sanwó fún. `bq query --dry_run` á sọ iye ohun tí ìbéèrè máa kà ṣáájú, lọ́fẹ̀ẹ́.

Èkejì ni kí a pín tábìlì náà lọ́jọ́ lọ́jọ́, kí iṣẹ́ kan máa ka ti òní nìkan ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, kó sì kọ àròpọ̀ rẹ̀ sí tábìlì kékeré tí ojú ìwé ń kà. Bí ti òní kò bá ju 1 GiB lọ, owó kò ní ju nǹkan bí 47 dọ́là lóṣù. Àléébù rẹ̀ ni pé àtúnṣe sí ọjà àná kò ní hàn, àfi ká tún ọjọ́ mélòó kan sẹ́yìn kà lálaalẹ́.

Ọ̀nà kejì yìí ni mo fara mọ́, pàápàá nítorí gbèdéke. Bí `QueryUsagePerDay`, ìyẹn gbèdéke ohun tá a lè kà lójúmọ́, bá jẹ́ 0.5 TiB, ọ̀nà àkọ́kọ́ á jẹ ẹ́ tán ní nǹkan bíi wákàtí méjì, àṣìṣe ni yóò sì máa hàn títí gbèdéke náà á fi tún bẹ̀rẹ̀ ní aago 8 tàbí 9 òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ní Nàìjíríà.