Ẹ̀gbọ́n mi, T480 ni kẹ́ ẹ bá mi rà o, kì í ṣe T480s

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú òtútù London o. Láptọ́ọ̀pù tí mo ní kẹ́ ẹ bá mi wò yẹn, Lenovo ThinkPad T480 ni, tòkunbọ̀ ni o, 2018 ló kọ́kọ́ jáde. Ọdún méjì rèé tí mo ti ń lo èyí tí wọ́n fún mi níbi iṣẹ́, òun ló jẹ́ kí n máa dààmú yín.

Bátìrì méjì ló ní, ọ̀kan wà nínú, ìkejì wà lẹ́yìn tó ṣe é yọ. Tí NEPA bá mú iná, ti ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ ń lò, tó bá ti fẹ́ tán mo kàn máa yọ ọ́ ki òmíì bọ̀ ọ́, láptọ́ọ̀pù ò ní kú torí ti inú á gbé e dúró. T480s ò ní ti ẹ̀yìn yẹn o, "s" yẹn lẹ máa ṣọ́. Sípíkà ẹ̀ ṣá ò dáa, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ látinú kòkò ni.

Tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á, ẹ tàn án, bí Lenovo bá ti hàn, ẹ tẹ F1. Tó bá bèèrè páswọ́ọ̀dù, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀, ì báà máa ṣí Wíńdóòsì wàràwàrà. Ẹ rántí èyí tí mo rà lọ́jà léṣìí, iṣẹ́ ló ń ṣe o, àfìgbà tí mo fẹ́ kó Wíńdóòsì tuntun sí i ló tìlẹ̀kùn mọ́ mi, wọ́n ní ká yọ bátìrì kékeré tó dà bíi kọ́ìnì, a yọ ọ́ mọ́jú, pàbó! Inú ṣíìpù kan lórí mọ́dábọ́ọ̀dù ni páswọ́ọ̀dù yẹn ń gbé, bátìrì ò kàn án. Ti ThinkPad náà, mọ́dábọ́ọ̀dù ni wọ́n máa ní kẹ́ ẹ pààrọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ṣí cmd kẹ́ ẹ tẹ:

```
powercfg /batteryreport
```

Fáìlì kan á jáde, ó máa kọ ibi tó fi í sí. Ẹ wo DESIGN CAPACITY àti FULL CHARGE CAPACITY ti bátìrì méjèèjì. Ti inú máa ń tó 24,000 mWh nígbà tó wà ní tuntun. Tó bá ṣẹ́ kù 18,000, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ló kù, mo gbà á. Tèmi níbi iṣẹ́ ti wálẹ̀ sí 11,000, ìyẹn ò dé ìdajì mọ́. Tó bá jẹ́ ti ẹ̀yìn ló kú, ẹ má jẹ́ kó dùn yín, a lè ra òmíì, ẹ kàn fi já owó ẹ̀ wálẹ̀.

Ẹ ki ṣájà bọ ihò Type-C méjèèjì lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tí ò bá gbà á, ẹ má rà á. Síkíríìnì, 1920 x 1080 ni mo fẹ́. Ẹ wò ó kí pùrósẹ́sọ̀ ẹ̀ jẹ́ i5-8250U tàbí i5-8350U, torí àwọn kan wà tí tiwọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú i5-7, Wíńdóòsì 11 ò gba ìyẹn. Ráàmù 8GB ti tó, ihò méjì ló ní, màá fi kún un níbí.

Tẹ́ ẹ bá rẹ́ni tó ń bọ̀ nílé, ẹ ní kó gbé bátìrì tó bá dá wà sínú báàgì ọwọ́, kó má fi sínú èyí tí wọ́n ń kó sábẹ́ bàálù, wọn ò gbà á.