Bíródíkáàsì Wásáàpù àbí ímeèlì: èwo ni kẹ́ ẹ kó àwọn fọ́lówà yín lọ?

Tí èèyàn 4,000 bá ń tẹ̀lé yín tó jẹ́ 200 péré ló rí pósítì àná, ẹ̀yin náà ti mọ̀ pé ó yẹ kẹ́ ẹ kó wọn lọ síbi tí alugọ́ríídìmù ò ti ní máa bá yín ṣèpinnu. Wàhálà ibẹ̀ ni ibi tẹ́ ẹ máa kó wọn lọ gan-an. Mo ti lo bíródíkáàsì, mo ti lo ímeèlì, wọn ò jọra rárá o.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí Channel ti Wásáàpù tàn yín jẹ. Ẹ ò lè rí nọ́ńbà ẹni tẹ́ ò ní lórí fóònù yín tẹ́lẹ̀, ẹ ò sì lè kó àwọn èèyàn yẹn jáde tẹ́ ẹ bá ń lọ, ilé onílé náà ṣì ni.

Bíródíkáàsì, ọ̀fẹ́ ni, orí áàpù tẹ́ ẹ ń lò lójoojúmọ́ náà lẹ ti máa ṣe é, líìsì kan ò sì lè gbà ju èèyàn 256 lọ. Ohun tó máa ń dá àwọn èèyàn lóró níbẹ̀ ni pé ẹni tí kò bá séèfù nọ́ńbà yín, mẹ́sééjì yẹn ò ní dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, Wásáàpù ò sì ní pariwo ẹ̀ fún yín. Ká ní èèyàn 610 ti tẹ líǹkì yín, líìsì mẹ́ta nìyẹn, 256, 256, àti 98. Ẹ ránṣẹ́ láàárọ̀, ẹ wá fi sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì torí ẹlòmíì lè pa fóònù, lẹ́yìn náà ẹ di mẹ́sééjì yẹn mú, ẹ wọ Info, kẹ́ ẹ ka àwọn tó ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Tó bá jẹ́ 140 nínú 256, ọ̀pọ̀ nínú àwọn 116 tó kù ni ò séèfù yín, ẹ ò lè fi bíródíkáàsì bẹ̀ wọ́n mọ́.

Torí náà ìgbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ kí yín ló yẹ kẹ́ ẹ ti ṣe é. Líǹkì tẹ́ ẹ máa gbé sí pírófáìlì yín rèé, kóòdù orílẹ̀-èdè ló máa ṣáájú nọ́ńbà, kò sí àmì +, kò sí òdo iwájú:

```
https://wa.me/NOMBA?text=E%20fi%20mi%20si%20liisi
```

Tó bá ti wọlé, ẹ má tíì dárúkọ iye ọjà, ẹ fi kọ́ńtáàtì yín ránṣẹ́ kẹ́ ẹ ní kó séèfù ẹ̀ kó wá dáhùn pé òun ti ṣe é, ẹni tó bá dáhùn nìkan lẹ máa fi sí líìsì. Nǹkan míì ni pé orí fóònù ni líìsì yẹn ń gbé. Tèmi bọ́ sómi, bákáàpù mi ti pé oṣù mẹ́ta, gbogbo líìsì tí mo ṣe láàárín ìgbà yẹn bá a lọ.

Ímeèlì ńkọ́? Owó máa jáde lápò. Àwọn iléeṣẹ́ kan tó ń báni fi ímeèlì ránṣẹ́ ń gbowó lórí iye èèyàn, àwọn kan lórí iye lẹ́tà tẹ́ ẹ bá fi ránṣẹ́, Mailchimp tiẹ̀ máa ń ka ẹni tó ti yọ ara ẹ̀ kúrò mọ́ ọn àfi tẹ́ ẹ bá fi sí Archive. Àmọ́ gbogbo líìsì yẹn, ẹ lè kó o jáde ní fáìlì .csv lọ síbòmíì, ìyẹn gan-an ni wọ́n ń pè ní tèmi ni.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ ni àdírẹ́sì tẹ́ ẹ fi ń ránṣẹ́. Ẹ má fi @gmail.com ránṣẹ́ látinú irú àwọn iléeṣẹ́ yìí, sípáàmù ló máa lọ, ẹ ra dómáìnì tiyín, kẹ́ ẹ to SPF, DKIM àti DMARC sí i, àwọn ètò mẹ́ta tó ń fi hàn pé ẹ̀yin lẹ fi lẹ́tà yẹn ránṣẹ́ lóòótọ́. Láti February 2024 ni Gmail àti Yahoo ti le mọ́ àwọn tó ń ránṣẹ́ lọ́pọ̀, tí ẹni 3 nínú 1,000 bá ń tẹ̀ ẹ́ pé sípáàmù ni, ẹ ti wọ gàù. Kẹ́ ẹ lè mọ̀ bóyá ó dáa, ẹ fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí Gmail ara yín, ẹ wọ "Show original", mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ sọ PASS. Ẹ má sì gba iye tí wọ́n ní ó ṣí lẹ́tà gbọ́ jù, láti 2021 ni áàpù ímeèlì Apple ti ń jẹ́ kó dà bíi pé wọ́n ṣí i, iye tó tẹ líǹkì ni kẹ́ ẹ wò.

Tó bá jẹ́ ọjà tí wọ́n máa ń ná kí wọ́n tó rà, bíródíkáàsì ni mo máa mú, torí ìdáhùn wọn ń bọ̀ tààrà sọ́dọ̀ yín. Tó bá jẹ́ ẹ̀kọ́ tàbí nǹkan tí wọ́n máa ń rò fún oṣù méjì, ímeèlì. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ti ń ṣí líìsì kẹta, ẹ ti lè máa sanwó fún ímeèlì, ṣùgbọ́n àtọjọ́ àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ ti máa gba àdírẹ́sì wọn pọ̀ mọ́ nọ́ńbà.

Kẹ́ ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni, ẹ fi orúkọ márùn-ún síbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ kẹ́ ẹ gbìyànjú láti kó wọn jáde. Tí fáìlì yẹn ò bá gbé ọjọ́ tí kálukú wọlé dání, ẹ wá ibòmíì.