Máàkì tó fò sókè àbí ìwé ọmọ tí wọ́n ṣí hàn: èwo nínú àtẹ̀jáde àwọn tíṣà ni kí òbí gbà gbọ́?

Ìdánwò ọmọ yín ń bọ̀, èsì tó mú wálé kẹ́yìn kò sì jẹ́ kí oorun kùn yín. Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ohun tí àwọn tíṣà tó ń wá kọ́ ọmọ nílé ń gbé sórí ayélujára. Kò pẹ́ tí ẹ ó fi rí bí ogún, gbogbo wọn ni yóò sì dà bí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ọdún 14 ni mo ti ń kọ́ ọmọ nílé. Èmi náà máa ń kọ irú àtẹ̀jáde bẹ́ẹ̀, mo sì mọ èyí tí èèyàn lè gbé síta láìtíì kọ́ ọmọ kankan ní nǹkan gidi. Ẹ jẹ́ kí n gbé méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí ẹ tó sanwó.

Tíṣà àkọ́kọ́ gbé fọ́tò ọmọbìnrin kan síta, ó kọ báyìí:

> "Máàkì 52 ni ọmọbìnrin yìí ní kó tó wá sọ́dọ̀ wa. Oṣù méjì péré, ó gba 67! Ẹ tètè mú ọmọ tiyín wá, àyè ò pọ̀ mọ́."

Tíṣà kejì ya ìlà ìṣirò inú ìwé ọmọ nìkan, láìdárúkọ, ó kọ báyìí:

> "Ọmọ kan kọ 1/2 + 1/3 = 2/5. Nísàlẹ̀ rẹ̀, ó kọ 3/4 + 1/6 = 4/10. Kì í ṣe pé kò fara balẹ̀. Ńṣe ló ń ro nọ́ńbà òkè mọ́ ti òkè, tó ń ro ti ìsàlẹ̀ mọ́ ti ìsàlẹ̀. Mo bi í pé èwo ló tóbi jù, 1/2 àbí 2/5? Ó rò ó díẹ̀, ó ní 1/2 ni. Mo ní, 'O fi nǹkan kún ìdajì, ó wá kéré sí ìdajì?' Ó wo ìwé rẹ̀, ó tún wò mí. Ibẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo gbé 2/5 + 1/4 fún un láìsọ tẹ́lẹ̀, ó gba 13/20. Tí a bá ní ká yọ ìdá kúrò nínú ìdá, ó ṣì ń ṣì í. Iṣẹ́ tó kù nìyẹn."

Òbí tí ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀, ti àkọ́kọ́ ni yóò kọ́kọ́ wù ú. Nọ́ńbà kéré níbẹ̀, nọ́ńbà ńlá wà níbẹ̀, ìdùnnú sì wà láàárín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká tú 52 àti 67 yẹn wò.

Ká ní ìbéèrè 40 ni ìdánwò náà, tí ọmọ yóò máa mú ìdáhùn kan nínú mẹ́rin. Ká sì ní ohun tí ọmọ yìí mọ̀ tó ẹni tó yẹ kó gba 24. Tí ẹ bá fún un ní irú ìdánwò yẹn léraléra, tí ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ ní nǹkan kan láàárín wọn, kò ní máa gba 24 lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ tí ìbéèrè bá bọ́ síbi tí kò mọ̀, ó lè gba 21. Lọ́jọ́ tó bá bọ́ síbi tó mọ̀, tí èyí tó kàn méfò sì tún bọ́ sí i, ó lè gba 27. Ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ gan-an, kò ya èmi tí mò ń kọ́ wọn lẹ́nu rárá. Ẹ wá sọ ọ́ di máàkì nínú 100: 21 nínú 40 jẹ́ 52 àti ààbọ̀, 27 jẹ́ 67 àti ààbọ̀. Gbogbo ohun tí tíṣà àkọ́kọ́ ń pariwo rẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ láìjẹ́ pé ọmọ mọ ohun kan tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹ tún wo ìgbà tí òbí máa ń wá tíṣà. Ọmọ tó gba 70 kì í mú kí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ wá wa. Ẹ̀yìn èsì tó burú jù lẹ ó pè wá. Èsì tó burú jù sì sábà máa ń ní oríburúkú díẹ̀ nínú: bóyá ara ọmọ ò yá lọ́jọ́ náà, bóyá ibi tí kò kà ni wọ́n ti bi í. Èyí tó máa tẹ̀ lé e sábà máa ń sàn ju èyí lọ, tíṣà wà níbẹ̀ o, kò sí níbẹ̀ o. Ẹni tó bá ti wà lọ́dọ̀ ọmọ nígbà náà ni yóò gba ìyìn.

Èyí tó dùn mí jù nínú irú àtẹ̀jáde yìí ni àwọn ọmọ tí a ò rí. Tíṣà tó kọ́ ọmọ 12, tí mẹ́ta gòkè, yóò ní àtẹ̀jáde mẹ́ta tó dára, kò sì sí irọ́ kankan nínú wọn. Àwọn mẹ́sàn-án yòókù ńkọ́? Ẹ bi í ní gbangba: "Ọmọ mélòó lẹ gbà fún ìdánwò yìí nígbà tó kọjá? Mélòó ló kà á dópin? Kí ni kálukú gbà?" Tẹ́ ẹ bá bi èmi, mo lè sọ ọ́. Ọmọ 11 ni mo gbà nígbà kan, 6 gòkè dáadáa, 3 dúró níbi tí wọ́n wà, 2 sì fi lẹ́sìn sílẹ̀ láàárín. Kò dùn mọ́ mi láti sọ ti àwọn 5 yẹn, ṣùgbọ́n òbí tó gbọ́ ọ mọ ohun tó ń rà.

Kì í ṣe pé kí ẹ da èsì nù o. Bí tíṣà bá fi èsì ìdánwò mẹ́ta mẹ́rin ọmọ kan náà hàn tẹ̀ léra wọn, tó jẹ́ irú ìdánwò kan náà, tí ó ń gun òkè díẹ̀díẹ̀, tó sì kọ wákàtí tí wọ́n fi kọ́ ọ sí i, èmi náà yóò bọ̀wọ̀ fún un. Èyí tí kò tó nǹkan ni nọ́ńbà méjì lásán.

Ká wá wo tíṣà kejì. Kò sí máàkì kankan nínú ohun tó kọ. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ó mọ ibi tó ń dun ọmọ. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ọmọ mẹ́ta lè gba 52 nínú ìṣirò. Ti ọ̀kan jẹ́ pé kò mọ ìdá, ti èkejì jẹ́ pé ó mọ̀ ọ́n ṣe ṣùgbọ́n kì í ka ìbéèrè dópin, ti ẹ̀kẹta jẹ́ pé aago máa ń lù kó tó dé ìdajì ìwé. Ẹni tó bá gbé ìdá lé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí ti fi àkókò àwọn méjì ṣòfò. Tíṣà kejì rí àṣìṣe kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ó wá ìrònú tó bí i, ó fi ìbéèrè kan tú u, ó dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó tún dán ọmọ wò pẹ̀lú nọ́ńbà tí kò rí rí. Ó sì sọ ohun tó ṣì ń wọ́. Ìlà tó kẹ́yìn yẹn ni mo máa ń wá nínú àtẹ̀jáde ẹnikẹ́ni, nítorí ẹni tó kàn fẹ́ ta ọjà kò ní kọ ọ́.

Irú àtẹ̀jáde yìí náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ọmọ tó ti mọ ìdá lè tún kùnà nítorí ohun mìíràn, èèyàn sì lè jí irú àtẹ̀jáde yẹn kọ. Ọ̀nà láti mọ̀ rọrùn. Ẹ mú ìwé ìdánwò méjì tí ọmọ yín ti ṣe, tó ní àṣìṣe nínú, kí ẹ gbé e síwájú tíṣà, kí ẹ sì fún un ní ogún ìṣẹ́jú. Ẹni tó mọṣẹ́ yóò pààlà sí àwọn àṣìṣe náà: "Àwọn mẹ́rin yìí, ohun kan náà ló fà á. Èyí, ó yára jù ni. Èyí kò tíì yé mi, mo ní láti gbọ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe rò ó." Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò wò ó lọ wò ó bọ̀, yóò ní ọmọ náà "nílò àfiyèsí", yóò sì sọ iye owó.

Fídíò náà wà, ó sì ń tan èmi gan-an jẹ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní òpin lẹ́sìn, tíṣà gbé fóònù sókè, ọmọ ń ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ bí ẹni ń ka oríkì. Ó dùn ún wò. Ní 2006, àwọn olùwádìí méjì kan, Roediger àti Karpicke, tẹ ìwádìí kan jáde nípa bí èèyàn ṣe ń rántí ohun tó kọ́. Wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ka àyọkà kan. Apá kan tún un kà, apá kejì pa ìwé dé, wọ́n kọ ohun tí wọ́n rántí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, àwọn tó tún un kà ló borí, 81 sí 75 nínú 100. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ yí padà: àwọn tó pa ìwé dé rántí 56, àwọn tó tún un kà rántí 42. Fídíò òpin lẹ́sìn, ti ìṣẹ́jú 5 yẹn ló ń fi hàn yín. Bí ẹ bá fẹ́ fídíò tó níye lórí, ẹ wá èyí tí wọ́n ya ní ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́sìn tó tẹ̀ lé e, tí ìwé wà ní pípadé, tí ọmọ ń kọ ohun tó kù lórí rẹ̀. Kì í dùn ún wò tó ti àkọ́kọ́. Ọmọ yóò dúró, yóò wo òkè, yóò pa kan rẹ́.

Ẹ̀rí àwọn òbí kò ní pẹ́ wa. "Ẹ ṣeun, tíṣà, Ọlọ́run yóò san án fún yín" ń sọ fún yín pé tíṣà náà níwà, ó sì ń tètè dé. Èyí ṣe pàtàkì. Kò sọ nǹkan kan nípa ohun tí ọmọ mọ̀. Ẹ̀rí tó wúlò ni èyí tó dárúkọ ohun kan: "Kì í sunkún mọ́ tó bá ní àròkọ láti kọ, òun fúnra rẹ̀ ló ń to kókó rẹ̀ sílẹ̀."

Ní ti "a fi dá yín lójú pé yóò yege", ẹnu dùn-ún ròfọ́. Tíṣà kọ́ ló máa jókòó nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Bí ó bá tún ń sọ fún yín pé ìbéèrè tó ń bọ̀ ti wà lọ́wọ́ òun, ẹ sá fún un. Bó bá jẹ́ irọ́, owó yín ti lọ. Bó bá jẹ́ òótọ́, ọmọ yín ni wọ́n máa fagi lé èsì rẹ̀.

Ohun kan wà tí òbí kì í sábà wò: ojú àwọn ọmọ nínú àtẹ̀jáde wọ̀nyí. Tíṣà àkọ́kọ́ fi ojú ọmọbìnrin náà àti 52 rẹ̀ hàn gbogbo ayé. Tíṣà kejì bo orúkọ, ìlà ìṣirò nìkan ló ya. Ohun tí wọ́n ṣe fún ọmọ ẹlòmíràn ni wọ́n máa ṣe fún tiyín. Kí ẹ sì wò ó bóyá ẹni náà sọ ibi tó ti ń kọ́ ọmọ, bóyá ó gbà kí àgbàlagbà wà nílé kí ilẹ̀kùn sì wà ní ṣíṣí. Ẹni tó bá bínú sí ìbéèrè yìí, èmi ò ní jẹ́ kó wọ ilé mi.

Tẹ́ ẹ bá ti mú ẹnì kan, ẹ má ṣe sanwó oṣù púpọ̀ ṣíwájú. Ẹ sanwó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ ya fọ́tò ìbéèrè mẹ́ta tí ọmọ ṣì, kí ẹ tọ́jú rẹ̀. Ní òpin ọ̀sẹ̀ kẹrin, ẹ ní kí tíṣà yí nọ́ńbà inú wọn padà, kí ọmọ jókòó ti yín nídìí tábìlì, kó ṣe wọ́n láìṣí ìwé, kí ẹ sì gbé ti tẹ́lẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìsinsìnyí.