Àgbéyẹ̀wò ilé ìtọ́jú ọ̀rọ̀ ọmú: òṣùwọ̀n wọn wúlò fún mi ju àlùmọ́gàjí wọn lọ

Ilé ìtọ́jú tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ọmú fífún nìkan ni wọ́n ń bójú tó. Ọmọ tuntun tí kò lè mu ọmú dáadáa ni wọ́n máa ń gbé wá, pẹ̀lú ìyá tí orí ọmú rẹ̀ ti bó. Èmi gbé ọmọkùnrin mi lọ nítorí pé ahọ́n rẹ̀ so mọ́lẹ̀, kò sì sanra. Àwọn tó ti lọ ṣáájú mi, gígé tí wọ́n gé awọ abẹ́ ahọ́n ni wọ́n máa ń ròyìn. Gígé yẹn kò tó ìṣẹ́jú kan. Ohun tí mo máa yìn wọ́n fún ni iṣẹ́ tí wọ́n ṣe kí wọ́n tó gé e, àti èyí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Kílò 3.2 ni ọmọ náà nígbà tí mo bí i. Nígbà tó fi máa pé ọjọ́ mẹ́rin, ó ti wá sí 2.93. Ìyẹn kò ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù, torí ọmọ tuntun máa ń fọn díẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Ohun tó bá ń sún mọ́ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni àwọn dókítà máa ń fiyè sí. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ọmọ ti padà sí ìwọ̀n tí wọ́n bí i láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí tiwa pé ọ̀sẹ̀ méjì, kílò 2.98 ló wà.

Lójoojúmọ́, bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rí nìyí: á wà lẹ́nu ọmú fún bíi wákàtí kan, á sùn lọ síbẹ̀, kò ní pẹ́ tó tún fi máa jí, tí á máa ké bíi pé kò tíì fẹnu kan nǹkan kan. Bó ṣe ń mu ún, ẹnu rẹ̀ á máa dún “tá, tá”, omi ọmú á sì máa ṣàn jáde létí ẹnu rẹ̀. Tó bá fi ọmú sílẹ̀, orí ọmú mi á ti pẹlẹbẹ, á dàgẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí orí ìpara ètè tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Ilédìí tó ń tọ̀ sí kò ju mẹ́rin lọ lójúmọ́, bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ karùn-ún, ó kéré tán, mẹ́fà ló yẹ kó jẹ́.

Níbi tí mo bímọ sí, wọ́n ti wo ẹnu rẹ̀, wọ́n rí awọ náà, wọ́n ní ọ̀pọ̀ ọmọ ló ní irú ẹ̀, kí n má dààmú. Wọn ò parọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ní in tí wọ́n ń mu ọmú wọn láìsí wàhálà kankan, irú wọn kò sì nílò kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn wọ́n. Ibòmíràn wo àwòrán ẹnu ọmọ lójú fóònù, wọ́n ní kí n gbé e wá kí wọ́n fi iná lésà gé abẹ́ ahọ́n àti abẹ́ ètè òkè pọ̀. Nínú àwọn méjèèjì, kò sẹ́ni tó ní kí n fún ọmọ lọ́mú kí òun wò ó.

Ibí yìí ni wọ́n ti kọ́kọ́ wò ó. Nọ́ọ̀sì tó gbà wá fọwọ́, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó ti ìka rẹ̀ bọ ẹnu ọmọ kó lè mọ bó ṣe ń fà á. Ìwé ìdíwọ̀n Bristol ni wọ́n ń lò. Ohun mẹ́rin ni wọ́n ń wò nínú rẹ̀: bí ṣóńṣó ahọ́n ṣe rí, ibi tí awọ náà ti so mọ́ èrìgì ìsàlẹ̀, bí ahọ́n ṣe ń gbéra sókè tó tí ọmọ bá ń ké, àti bó ṣe lè yọ síta tó. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti òdo dé méjì, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mẹ́jọ. Mẹ́ta ni ọmọ mi gbà. Nọ́ọ̀sì ní, “Ẹ má tíì sunkún o, mà. Máàkì yìí nìkan kò lè sọ fún wa bóyá ó ń jẹun àbí kò jẹun.”

Ó ṣàlàyé pé ahọ́n ọmọ gbọ́dọ̀ lè yọ kọjá èrìgì ìsàlẹ̀ kó tó lè di ọmú mú dáadáa, kó sì wá sọ àárín ara rẹ̀ kalẹ̀ kí ẹnu lè fa omi ọmú wọlé. Bí awọ bá fà á sẹ́yìn, èrìgì ló máa ń rún orí ọmú. Ahọ́n á sì máa já kúrò lára ọmú léraléra. Jíjá yẹn ni ariwo “tá, tá” tí mo ń gbọ́.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé òṣùwọ̀n jáde. Kì í ṣe irú èyí tí wọ́n fi ń wọn ọmọ níbi abẹ́rẹ́ àjẹsára. Èyí lè mọ ìyàtọ̀ gíráàmù méjì. Wọ́n gbé ọmọ lé e tòun ti aṣọ àti ilédìí: 3,014. Mo fún un lọ́mú títí tó fi sùn lọ. Wọn ò jẹ́ kí n pààrọ̀ ilédìí bó tilẹ̀ ti yàgbẹ́ sí i, torí bí o bá bọ́ ohunkóhun kúrò lára rẹ̀, ìṣirò ti bàjẹ́ nìyẹn. Wọ́n tún wọ̀n ọ́n: 3,032. Gíráàmù kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mìlílítà kan omi ọmú, nítorí náà mìlílítà 18 ni gbogbo wàhálà yẹn já sí.

Èló ló yẹ kó mu? Ìṣirò tí wọ́n ń lò fún ọmọ tó ti kọjá ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni nǹkan bíi mìlílítà 150 fún kílò kan lójúmọ́. Ọmọ kílò mẹ́ta á wá nílò bíi 450. Tó bá ń jẹun lẹ́ẹ̀mẹjọ, ìyẹn tó 56 lẹ́ẹ̀kan. Kò mu tó ìdajì.

Wọ́n tún bí mo ṣe gbé e dání ṣe, wọ́n ní kí n fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀ kí àgbọ̀n rẹ̀ lè wọlé sára ọmú dáadáa, mo sì fún un ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó mu 24. Ó sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó. Ìgbà yìí ni wọ́n wá fún mi ní ẹ̀rọ ìfún-ọmú. Lẹ́yìn gbogbo ohun tí ọmọ ti fà, mìlílítà 45 ṣì jáde. Mo rò pé ìdánwò yìí ló pàtàkì jù nínú ohun gbogbo tí wọ́n ṣe. Omi ọmú wà, ọmọ ni kò lè fà á jáde. Ká ní ẹ̀rọ ò rí nǹkan kan fún jáde ni, ọmú mi ni wọn ì bá kọ́kọ́ tọ́jú. Ká sì ní ọmọ ń mu 60 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan tí kò sanra, ọ̀dọ̀ dókítà tó máa yẹ ọkàn rẹ̀ wò, tó máa wá àrùn inú ẹ̀jẹ̀ àti inú ìtọ̀, ni wọn ì bá darí wa sí. Wọ́n ní oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò tó fi dájọ́, torí ọmú àárọ̀ àti tìrọ̀lẹ́ kì í dọ́gba, nítorí náà wọ́n tún dán an wò nígbà tí a padà lọ. Kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Wọn ò tíì gé nǹkan kan. Bíbọ́ ọmọ ni wọ́n fi ṣáájú. Wọ́n ní kí n fún un lọ́mú níwọ̀nba, kí n wá fi ife kékeré fún un ní èyí tí mo fi ẹ̀rọ fún kún un, kí n sì máa fi ẹ̀rọ fún omi ọmú jáde lẹ́ẹ̀mẹjọ láàárín wákàtí 24. Ìdí ni pé omi tó bá ń ṣẹ́ kù sínú ọmú ló ń sọ fún ọmú pé kó dín iṣẹ́ kù. Ahọ́n tí kò lè fa ọmú tán á bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ ọmú náà díẹ̀díẹ̀, nígbà tó bá sì fi pé oṣù kan, ìyá á rò pé òun ni kò ní omi ọmú. Kó tó di ọjọ́ gígé, ọmọ ti ń fi gíráàmù 30 kún ara rẹ̀ lójúmọ́. Ìyẹn fi hàn wá pé ebi ló ń pa á, kì í ṣe àìsàn.

Nípa gígé, wọ́n béèrè bóyá ó ti gba abẹ́rẹ́ fítámììnì K lẹ́yìn tí mo bí i, àti bóyá ẹnikẹ́ni nínú ẹbí wa ní àrùn kí ẹ̀jẹ̀ máa ṣàn láìdá. Wọ́n fi aṣọ wé e, ẹnì kan di orí rẹ̀ mú, dókítà fi irin pẹlẹbẹ gbé ahọ́n sókè, ó fi àlùmọ́gàjí tí ṣóńṣó rẹ̀ kò mú gé awọ tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ kán, wọ́n fi gọ́ọ̀sì tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì gbé e fún mi kí n fún un lọ́mú lójú ẹsẹ̀. Nǹkan funfun kan wá bo ojú egbò náà lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ti sọ fún wa ṣáájú pé kì í ṣe ọyún, pé á lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì.

Mo gbóṣùbà fún wọn pé wọn ò tan mí jẹ kí n tó fọwọ́ sí ìwé. Wọ́n sọ fún mi pé àtúnyẹ̀wò Cochrane ti ọdún 2017, tó kó ìwádìí márùn-ún lórí ọmọ 302 jọ, rí i pé gígé ń dín ìrora orí ọmú ìyá kù láàárín ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí ẹ̀rí tó dúró sójú kan pé ọmọ á máa mu ọmú dáadáa. Bó sì ṣe rí fún mi nìyẹn ní ọjọ́ náà. Ìrora náà rọlẹ̀ kíákíá, àmọ́ nígbà tí wọ́n wọn ọmọ lẹ́yìn tó mu ọmú, 26 péré ló mu. Ahọ́n tó ti wà ní dídè láti inú oyún ṣì ní láti kọ́ iṣẹ́. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan, ó di 44. Nígbà tó wọn kílò 3.6, ó mu 66 láìsí ìrànlọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ 67 ni ìṣirò ní ó nílò. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ní ká máa dín omi ife kù, ká máa wo òṣùwọ̀n, tí ìwọ̀n tó ń fi kún ara rẹ̀ kò bá tó gíráàmù 20 lójúmọ́, ká tún dá a padà. Bàbá ọmọ ló ń ṣe àkọsílẹ̀, torí ojú mi ò dá ṣáṣá.

Ẹ̀sùn mi kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó wà. Wọ́n fún wa ní ìwé kan pé ká máa fi ìka na ojú egbò náà léraléra lójúmọ́ kó má baà tún so pọ̀. Ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í yíjú kúrò nígbà tó bá ti rí ọwọ́ mi. Nígbà tí mo bi dókítà, òun fúnra rẹ̀ gbà pé kò sí ẹ̀rí gidi pé ó ń ṣiṣẹ́, pé mo lè fi í sílẹ̀. Kí ló wá dé tí wọ́n fi ń pín in fún gbogbo ìyá? Wọ́n sì tún gbà kí n yá òṣùwọ̀n lọ sílé láìkìlọ̀ fún mi. Mo ń wọn ọmọ lẹ́yìn gbogbo oúnjẹ títí ọkàn mi ò fi balẹ̀ mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lọ́dọ̀ wọn tó.

Ẹ má retí pé wọ́n á gbà yín lọ́jọ́ tí ẹ bá pè. Ẹ ó dúró díẹ̀. Nítorí náà, ọmọ tí kò ṣeé jí láti jẹun, tàbí tí kò tọ̀ fún wákàtí mẹ́jọ, tàbí tí òkè orí rẹ̀ jìn, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ tààrà. Fún ọmọ tó ń jẹun tí ìwọ̀n rẹ̀ kàn ń fà sẹ́yìn, ẹ pè wọ́n. Ibikíbi tí ẹ bá sì pè, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá wọ́n máa ń wọn ọmọ kó tó mu ọmú àti lẹ́yìn tó bá mu ún. Tí wọ́n bá ní ẹnu ọmọ nìkan ni àwọn máa ń wò, ẹ wá ibòmíràn.