Fáàfù onígbọ́ọ̀lù àti páìpù méjì tí mo fi sí táǹkì mi l'Ádó-Èkìtì

Táǹkì lítà 2,000 ló wà lórí òpó kọnkéré lẹ́yìn ilé mi ní Básìrì. Súmò ló ń fa omi kànga gòkè sínú rẹ̀, páìpù íńṣì kan ni omi sì ń gbà wọlé. Fáàfù tí mo rà ní Ajílóṣùn láti fi rọ́pò èyí tó ti gbó jẹ́ onídẹ, ike ni gbọ́ọ̀lù orí rẹ̀, èyí tó ń léfòó, tó sì ń gbé apá fáàfù sókè láti pa omi bí táǹkì bá ti kún. Fáàfù náà dára, mo sì lè ní kí ẹlòmíràn rà á. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ń bọ̀ tí fáàfù yòówù kò ní pa omi mọ́, páìpù tí omi yóò gbà jáde lọ́jọ́ náà ló yẹ ká kọ́kọ́ wò.

Ẹni tó to táǹkì náà níbẹ̀rẹ̀ fi páìpù íńṣì kan ṣe ọ̀nà àkúnwọ́sílẹ̀, bákan náà pẹ̀lú èyí tí omi ń gbà wọlé. Ọ̀pọ̀ ilé ládùúgbò wa ló rí bẹ́ẹ̀. Pọ́mbà tó wá bá mi fi fáàfù tuntun sí i kọ̀ láti fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Bàbá, agbára súmò ló ń ti omi wọlé. Èyí tó ń jáde, kò sẹ́ni tó ń tì í. Kò lè yá bákan náà."

A gbé kẹ́ẹ̀gì lítà 25 sẹ́nu páìpù tó ń wọlé, ìdajì ìṣẹ́jú ló fi kún. Ìyẹn jẹ́ lítà 50 ní ìṣẹ́jú kan. Ohun kan ṣoṣo tó ń ti omi jáde lẹ́nu ọ̀nà àkúnwọ́sílẹ̀ ni ìwúwo omi díẹ̀ tó ga ju ẹnu páìpù náà lọ, nínú táǹkì mi kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5 lọ kí omi tó kan ìdérí. Pẹ̀lú ìyẹn, páìpù íńṣì kan kò lè kó ju nǹkan bíi lítà 17 jáde ní ìṣẹ́jú kan. Lítà tó lé ní 30 tó kù á gba abẹ́ ìdérí, á ṣàn sára ògiri, á máa gbẹ́ ìdí òpó táǹkì.

Íńṣì méjì la wá fi rọ́pò rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́rin ti íńṣì kan, nítorí náà, bí omi bá ga níwọ̀n kan náà, ó lè kó nǹkan bíi lítà 70 jáde ní ìṣẹ́jú kan. A ṣí fáàfù sílẹ̀, a jẹ́ kí súmò máa ṣiṣẹ́: omi dúró nísàlẹ̀ ìdérí, kò sì sí ibòmíràn tó ti ń jáde. Ẹ má fi kọ́kì kankan sójú ọ̀nà páìpù yìí láé.

Páìpù kejì, ìyẹn páìpù ìkìlọ̀, ni mo fẹ́ràn jù. Íńṣì kan dín ìdámẹ́rin ni, ẹnu rẹ̀ sì fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2.5 ga ju ibi tí fáàfù ti ń pa omi. Ẹnu ọ̀nà àkúnwọ́sílẹ̀ ló tún ga ju òun náà lọ. Kò sí fún gbígbé omi púpọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ni kí a tètè rí i pé nǹkan ti bàjẹ́. Ìdí nìyí tí a fi darí rẹ̀ síwájú ilẹ̀kùn ilé ìdáná, níbi tí ẹsẹ̀ gbogbo ayálégbé ń gbà. Bí ó bá jáde sínú gọ́tà lẹ́yìn ilé, omi lè máa ṣòfò títí láìsí ẹni tó mọ̀.

Ibẹ̀ ni ìyàwó mi ti rí i tó ń kán. Pọ́mbà ká apá fáàfù sókè pẹ̀lú ọwọ́, omi ṣì ń jò. Ìyẹn fi hàn pé gbọ́ọ̀lù kọ́ ló lẹ́bi, wáṣà ni. Iyanrìn kànga ló há sábẹ́ rẹ̀, ó fọ̀ ọ́, ó tán. Ká ní omi dúró bí ó ṣe ká a sókè ni, gbọ́ọ̀lù ni à bá yọ, ká mì í: bí omi bá ń dún nínú rẹ̀, ó ti là, ó sì ń rì.

Nǹkan kan wà tí ẹni tó ń fi súmò fa omi ní láti mọ̀. Bí fáàfù bá pa omi nígbà tí súmò ṣì ń ṣiṣẹ́, súmò á máa ti omi tí kò ríbi lọ, á gbóná, ìsopọ̀ páìpù sì lè já. A fi súwíìṣì onígbọ́ọ̀lù tó ń pa iná súmò sísàlẹ̀ ibi tí fáàfù ti ń pa omi, kí súmò lè kọ́kọ́ kú. Fáàfù wá di ààbò kejì. Bí omi ìjọba ló ń wọ táǹkì yín, ẹ kò nílò ìyẹn.

Ìkùnà kan ṣoṣo tí mo rí ni pé páìpù méjèèjì kò ní nẹ́ẹ̀tì lẹ́nu nígbà tí wọ́n tò ó, ẹ̀fọn lè gba ibẹ̀ wọlé. A gé nẹ́ẹ̀tì fèrèsé, a so ó mọ́ ẹnu wọn. A sì ń fọ̀ ọ́ látìgbàdégbà, nítorí ewé àti eruku tó bá dí i á tún sọ íńṣì méjì di kékeré.